Orí Kẹfà: Bí Ẹsẹ̀ Mẹ́ta Ṣe Ń Darí Mẹ́rìnlélógún

Ẹ jẹ́ ká mú pátákó tó ń pe nọ́ńbà àwọn tó ń dúró de dókítà. Nọ́ńbà orí rẹ̀ kì í kọjá 999, nítorí náà ojú mẹ́ta ló ní. Ojú kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pá iná méje tí a ń tàn pa pọ̀ láti fi kọ nọ́ńbà, pẹ̀lú iná kíún kan ní ìdí rẹ̀. Iná mẹ́jọ lójú kan, lọ́nà mẹ́ta, ó di mẹ́rìnlélógún. Bọ́ọ̀dù Arduino Uno tí a fẹ́ fi darí rẹ̀ kò ní ju ogún ẹsẹ̀ tí a lè lò lọ, a sì ṣì ń wá ààyè fún bọ́tìnì tí nọ́ọ̀sì yóò máa tẹ̀ àti fún agogo. Ẹsẹ̀ kò tó.

Àwọn kan á ní ká máa tan ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níkọ̀ọ̀kan, kí ó yá débi pé ojú èèyàn kò ní mọ̀. Ọ̀nà náà dára, ó sì dín owó kù, ṣùgbọ́n bí ètò bá dúró díẹ̀ láti ṣe nǹkan mìíràn, ojú kan á tàn kalẹ̀, méjì yòókù á sì kú. Ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí nọ́ńbà tí a bá ti kọ dúró síbẹ̀ títí a ó fi pa á rẹ́, kí ètò lè lọ ṣe iṣẹ́ mìíràn. Áísì 74HC595 ń ṣe èyí gan-an. A ó lo mẹ́ta, ọ̀kan fún ojú kan.

Ohun tó wà nínú áísì náà

Ẹsẹ̀ mẹ́rìndínlógún ni 74HC595 ní. Nínú rẹ̀, ìlà méjì ló wà, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ní yàrá mẹ́jọ tí yàrá kọ̀ọ̀kan ń gba bíìtì kan, ìyẹn 0 tàbí 1. Ẹ jẹ́ ká pe àkọ́kọ́ ní ìlà asún, ká pe èkejì ní ìlà ìfihàn. Ìlà ìfihàn ló so mọ́ ẹsẹ̀ mẹ́jọ tí iná ń gbà jáde, Q0 títí dé Q7.

Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ètò wa ń darí. DS, ẹsẹ̀ 14, ni bíìtì ń gbà wọlé. SHCP, ẹsẹ̀ 11, ló ń sún wọn. Nígbàkígbà tí fóòtì orí SHCP bá gòkè láti 0 sí 1, bíìtì tó wà lórí DS lákòókò náà yóò wọ yàrá àkọ́kọ́, èyí tó wà ní yàrá àkọ́kọ́ yóò bọ́ sí èkejì, ti èkejì sí ẹ̀kẹta, títí dé òpin. Bí SHCP bá ń sọ̀kalẹ̀ padà sí 0, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ fi wé bẹ́ǹṣì tó gba èèyàn mẹ́jọ: ẹni tuntun jókòó sí etí kan, gbogbo ẹni tó ti wà níbẹ̀ sún ẹyọ kan, ẹni tó wà ní etí kejì sì dìde.

Ní gbogbo àkókò tí wọ́n fi ń sún yìí, kò sí iná kankan tó yí padà níta. STCP, ẹsẹ̀ 12, ló ń yí wọn padà: bó bá gòkè láti 0 sí 1, ìlà ìfihàn yóò da gbogbo bíìtì mẹ́jọ tó wà nínú ìlà asún kọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí nọ́ńbà fi ń yí padà lójú pátákó láìsí pé a rí ìjàgbọ̀n iná láàárín. Bí ẹ bá ní ìwé olùpèsè mìíràn lọ́wọ́, ẹ lè rí SER, SRCLK àti RCLK dípò DS, SHCP àti STCP, kí ẹ sì rí QA sí QH dípò Q0 sí Q7. Orúkọ ló yàtọ̀, ẹsẹ̀ kan náà ni wọ́n.

Ẹsẹ̀ méjì mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi sílẹ̀ láìso. MR, ẹsẹ̀ 10, ń nu ìlà asún nù bó bá wà ní 0, nítorí náà fóòtì 5 ni a ó so ó mọ́. OE, ẹsẹ̀ 13, ń pa gbogbo iná bó bá wà ní 1, ó sì ń jẹ́ kí wọ́n tàn bó bá wà ní 0. Ẹsẹ̀ tí a kò so mọ́ ibì kankan kì í ṣe 0, kì í sì í ṣe 1. Bí a bá fi MR tàbí OE sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pátákó lè ṣiṣẹ́ dáadáa lórí tábìlì, kó sì máa ṣẹ́jú nígbà tí ẹnì kan bá na ọwọ́ sún mọ́ ọn.

Síso wọn pọ̀

Bíìtì tó bá dé ìpẹ̀kun ìlà asún ń jáde lẹ́sẹ̀ 9, tí wọ́n ń pè ní Q7S. A ó so Q7S áísì àkọ́kọ́ mọ́ DS áísì kejì, ká so Q7S èkejì mọ́ DS ẹ̀kẹta. SHCP mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò wà lórí wáyà kan, STCP mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò wà lórí wáyà kan. Ohun tí a ní báyìí ni ìlà asún kan tó ní yàrá mẹ́rìnlélógún, bọ́ọ̀dù kò sì mọ̀ pé áísì mẹ́ta ni. Wáyà mẹ́ta péré ló ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá láti fi kọ nọ́ńbà. Bí ẹ bá fi áísì kẹrin kún un lọ́la, mẹ́ta náà ló máa jẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ronú jinlẹ̀ á béèrè ohun kan níbí. Bí SHCP bá gòkè fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, áísì àkọ́kọ́ ń pààrọ̀ ohun tó wà lórí Q7S rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà tí èkejì ń kà á. Èwo wá ni èkejì máa rí, ti àtijọ́ tàbí tuntun? Ti àtijọ́ ni, ó sì nídìí. Lẹ́yìn tí SHCP bá ti gòkè, ó ń gba Q7S ní nǹkan bí nánósẹ́kọ́ńdì 20 kó tó yí padà, nígbà tí a bá ń lo fóòtì 5. Áísì tó ń kà á kò sì nílò ju nánósẹ́kọ́ńdì díẹ̀ lọ kí ó tó mú ohun tó rí. Kí tuntun tó dé, àtijọ́ ti wọlé.

Àlàfo kékeré yẹn ni gbogbo ètò yìí dúró lé. Ohun tó lè bà á jẹ́ ni kí SHCP dé ọ̀dọ̀ áísì ẹ̀yìn pẹ́ ju bó ṣe dé ọ̀dọ̀ ti iwájú lọ. Bó bá pẹ́ ju nánósẹ́kọ́ńdì 20 yẹn, tuntun ni yóò kà, bíìtì kan á sì sọnù láàárín. Lórí bọ́ọ̀dù kékeré, èyí kò lè ṣẹlẹ̀, torí pé iná ń rin nǹkan bíi mítà kan nínú wáyà láàárín nánósẹ́kọ́ńdì márùn-ún. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi áísì mìíràn sáàárín láti fún SHCP lágbára lójú ọ̀nà, áísì náà á dá a dúró díẹ̀, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe pátákó gígùn mọ ọgbọ́n rẹ̀: wọ́n ń mú wáyà SHCP wọlé láti ìpẹ̀kun, kó máa rin padà síwájú, nígbà tí bíìtì ń ti iwájú lọ sẹ́yìn. Áísì tó ń kà á yóò tipa bẹ́ẹ̀ gbọ́ ṣáájú èyí tó ń fún un ní bíìtì.

Iṣẹ́ wa ní kíkún

Lórí Uno, a ó fi ẹsẹ̀ 11 ṣe DS, 13 ṣe SHCP, 10 ṣe STCP, 9 ṣe OE. Mo yan 11 àti 13 torí pé àwọn ni SPI bọ́ọ̀dù náà ń lò, bí ẹ bá sì fẹ́ kí ó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ iwájú, ẹ kò ní tú wáyà kankan. Áísì àkọ́kọ́ ń darí ojú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn èyí tó wà lápá òsì, èkejì ń darí ti ẹ̀wá, ẹ̀kẹta ń darí ti ẹyọ. Nínú ojú kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá a wà lórí Q0, b lórí Q1, c lórí Q2, bẹ́ẹ̀ títí dé g lórí Q6. Iná kíún wà lórí Q7. Irú ojú tí gíráǹdì rẹ̀ pa pọ̀ ni a ń lò, nítorí náà 1 ló ń tan iná.

```cpp
const byte DATA = 11, CLOCK = 13, LATCH = 10, OE_PIN = 9;
const byte seg[10] = {0x3F, 0x06, 0x5B, 0x4F, 0x66,
                      0x6D, 0x7D, 0x07, 0x7F, 0x6F};

void show(int n) {
  digitalWrite(LATCH, LOW);
  shiftOut(DATA, CLOCK, MSBFIRST, seg[n % 10]);
  shiftOut(DATA, CLOCK, MSBFIRST, seg[n / 10 % 10]);
  shiftOut(DATA, CLOCK, MSBFIRST, seg[n / 100]);
  digitalWrite(LATCH, HIGH);
}

void setup() {
  pinMode(DATA, OUTPUT);
  pinMode(CLOCK, OUTPUT);
  pinMode(LATCH, OUTPUT);
  show(0);
  digitalWrite(OE_PIN, LOW);
  pinMode(OE_PIN, OUTPUT);
}

void loop() {}
```

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé `show(274)`. Báìtì tó kọ́kọ́ jáde ni ti 4, kì í ṣe ti 2. Lẹ́yìn ìgòkè mẹ́jọ, ó wà nínú áísì àkọ́kọ́. Bí ti 7 ṣe ń wọlé, ó ń ti ti 4 síwájú, ti 4 sì bọ́ sínú áísì kejì. Bí ti 2 ṣe ń wọlé, ti 4 dé áísì ẹ̀kẹta, ti 7 dúró sí èkejì. Ìgòkè mẹ́rìnlélógún ti pé, ṣùgbọ́n pátákó ṣì ń fi nọ́ńbà àná hàn. Ìgbà tí `LATCH` bá gòkè ni 274 yọ. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ló ń lọ jìnnà jù: bí ẹ bá rí 472 lójú pátákó, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ìtò ìlà `shiftOut` mẹ́ta tó wà nínú `show` ni ẹ ó yí padà, kì í ṣe wáyà.

Bákan náà ni nínú báìtì kan. `MSBFIRST` ń kọ́kọ́ rán bíìtì 7 jáde, nítorí náà òun ló ń dé Q7, bíìtì 0 sì dúró lórí Q0, lórí ọ̀pá a. Bí ẹ bá ṣèèṣì kọ `LSBFIRST`, gbogbo rẹ̀ á dorí kodò. Nọ́ńbà 7, tó yẹ kó tan a, b àti c, á wá tan iná kíún, g àti f. Ohun kan tó máa ń tan èèyàn jẹ ni pé nọ́ńbà 4 kò ní yí padà rárá. 0x66 ni 01100110, ọ̀kan náà ló jẹ́ láti ọ̀tún àti láti òsì, òun nìkan sì ni ó rí bẹ́ẹ̀ nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ẹ má fi 4 dán pátákó wò.

Gbogbo ìrìn yìí kò gbà tó mílísẹ́kọ́ńdì kan lórí Uno, bó tilẹ̀ jẹ́ pé `shiftOut` kò yára. Fún pátákó ilé ìwòsàn, ó ti pọ̀ tó. Ohun tí kò ṣeé ṣe ni kí a yí iná kan ṣoṣo padà nínú mẹ́rìnlélógún: gbogbo rẹ̀ la gbọ́dọ̀ tún rán, nítorí náà ètò ni yóò máa rántí ohun tó wà lójú pátákó, torí áísì yìí kì í dáhùn bí a bá bi í léèrè.

OE yẹ ní àlàyé díẹ̀ sí i. Nígbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ohunkóhun ló lè wà nínú yàrá áísì, Uno sì ń gba àkókò díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ ètò wa. Láàárín ìgbà náà, pátákó á máa fi ìranù hàn àwọn aláìsàn. A ó fi rẹ́sísítọ̀ óòmù 10,000 so OE mọ́ fóòtì 5 kí iná gbogbo wà ní pípa, `setup` yóò sì mú OE wá sí 0 lẹ́yìn tí `show(0)` bá ti kọ ohun tó tọ́. Àǹfààní mìíràn ni pé `analogWrite` lórí ẹsẹ̀ 9 lè dín ìmọ́lẹ̀ kù lóru. Ẹ rántí pé òdìkejì ni: bí nọ́ńbà tí ẹ fún un bá ti ń tóbi ni iná ń ṣókùnkùn.

Káréǹtì

Ibí ni mo ti rí i tí áísì púpọ̀ ń kú, kì í sì í ṣe àwọn ló ń ṣẹ̀. Èèyàn á kà pé ẹsẹ̀ kan lè gba mílíáńpù 35, á sì fi 20 sórí mẹ́jọ, á rò pé òun ṣì wà ní ìsàlẹ̀ òdiwọ̀n. Ṣùgbọ́n gbogbo káréǹtì tó ń jáde lẹ́sẹ̀ mẹ́jọ gbọ́dọ̀ gba ẹsẹ̀ 16 wọlé, ìwé áísì náà sì sọ pé 70 ni òpin ohun tó lè gba ibẹ̀ kọjá. Mẹ́jọ lọ́nà 20 jẹ́ 160. 35 náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ààlà ìbàjẹ́, kì í ṣe ibi tí à ń ṣiṣẹ́ sí. Nǹkan bíi mílíáńpù 6 lórí ẹsẹ̀ kan ni ó yẹ kéèyàn gbèrò.

Iná pupa ń jẹ nǹkan bíi fóòtì 2. Fóòtì 3 tó kù ni a ó pín fún óòmù 470, ìyẹn mílíáńpù 6.4, ó sì máa dín sí i díẹ̀ torí pé áísì náà ń pàdánù fóòtì díẹ̀ nínú ara rẹ̀. Bí nọ́ńbà 8 bá tàn pẹ̀lú iná kíún rẹ̀, mẹ́jọ lọ́nà 6.4 jẹ́ 51. Ó wà lábẹ́ 70. Ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ ní rẹ́sísítọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹyọ kan ṣoṣo sórí gíráǹdì ojú náà láti fi dín owó kù yóò rí i pé nọ́ńbà 1 mọ́lẹ̀ yòò, 8 sì ń kú lọ, nítorí ọ̀pá méjì àti ọ̀pá méje ń pín káréǹtì kan náà.

Ojú ńlá, irú èyí tí wọ́n ń rí láti ìpẹ̀kun gbọ̀ngàn, kò ṣeé fi 74HC595 tàn tààrà, torí iná bíi mélòó kan ló wà nínú ọ̀pá kan, fóòtì 5 kò sì ká wọn. Áísì TPIC6B595 ni kí ẹ wá. Bí ó ṣe ń sún bíìtì kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ lè gba mílíáńpù 150, ó sì fara da fóòtì 50. Ogún ẹsẹ̀ ló ní, ìtò wọn sì yàtọ̀. Gíráǹdì nìkan ló ń fa iná lọ sí, nítorí náà ojú tí fóòtì rẹ̀ pa pọ̀ ló bá a mu.

Bí ó bá kọ̀

Ẹ máa wo ibi tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀ nínú ìlà. Bí ojú àkọ́kọ́ bá dára, tí méjì yòókù sì ṣókùnkùn, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti so Q7, ẹsẹ̀ 7, mọ́ áísì kejì dípò Q7S, ẹsẹ̀ 9. Q7 jẹ́ ara ìlà ìfihàn, kì í yí padà nígbà tí bíìtì ń sún, nítorí náà ohun kan náà ni áísì kejì ń kà ní gbogbo ìgòkè. Nínú iṣẹ́ tiwa, Q7 ni iná kíún tí a kò tàn, ìyẹn 0, gbogbo ẹ̀yìn á sì di 0. Láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ẹ fi 0xFF ránṣẹ́ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀mejì. Bí àwọn ti ẹ̀yìn kò bá tàn nígbà àkọ́kọ́, tí wọ́n wá tàn nígbà kejì, ẹ ti mú un.

Bí ojú àkọ́kọ́ àti èkejì bá dára ṣùgbọ́n tí ti ẹ̀kẹta ń fo ọ̀pá, tí ohun tó yẹ kó wà lórí b wà lórí c nígbà mìíràn, wáyà SHCP ló ń gbọ̀n. Ó gùn jù, ìgòkè kan sì ń dà bíi méjì lójú áísì náà. Bí ẹ bá dín ìyára ètò kù, kò ní yanjú rẹ̀, nítorí bí fóòtì náà ṣe ń gòkè ni ìṣòro, kì í ṣe iye ìgbà tó ń gòkè. Rẹ́sísítọ̀ tó tó óòmù 33 sí 100 lẹ́bàá Uno lórí wáyà SHCP, àti wáyà gíráǹdì tó ń bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ló máa ń wò ó sàn.

Bí gbogbo pátákó bá ń dàrú nígbà tí ọ̀pọ̀ iná bá tàn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí 111 yí padà di 888, ẹ wo kápásítọ̀ yín. Ọ̀kan tó jẹ́ nánófárádì 100 gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ áísì kọ̀ọ̀kan, láàárín ẹsẹ̀ 16 àti ẹsẹ̀ 8, kó sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Àwọn àwòrán kan wà káàkiri tí wọ́n fi kápásítọ̀ sórí wáyà STCP. Ẹ má tẹ̀ lé wọn. Ó ń jẹ́ kí fóòtì ibẹ̀ máa gòkè díẹ̀díẹ̀, ìlà ìfihàn sì gbọ́dọ̀ rí ìgòkè tó mú.

Ọ̀kan ṣì kù fún àwọn tó ń lo bọ́ọ̀dù fóòtì 3.3. Bí 74HC595 bá ń jẹ fóòtì 5, kò dájú pé yóò ka ohunkóhun tí kò tó 3.5 sí 1. Nítorí náà 3.3 lè ṣiṣẹ́ lónìí, kó kọ̀ lọ́la nígbà tí ilé bá gbóná. Ẹ fi 74HCT595 rọ́pò rẹ̀, èyí tó ń gba fóòtì 2 sí 1, tàbí kí ẹ fún 74HC595 náà ní 3.3, kí ẹ sì tún rẹ́sísítọ̀ yín ṣírò.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ fi áísì kẹrin kún pátákó wa, kí ó máa fi yàrá dókítà hàn, láti 1 sí 9, lápá ọ̀tún nọ́ńbà aláìsàn. Ẹ kọ `show` tuntun tó ń gba nọ́ńbà àti yàrá. Kí ẹ tó fi iná sí i, ẹ kọ báìtì mẹ́rin tí yóò jáde fún nọ́ńbà 305, yàrá 6, sínú ìwé yín ní ìtòtẹ̀lé tí wọ́n ń gbà jáde, kí ẹ sì ṣírò káréǹtì tí ẹsẹ̀ 16 áísì kọ̀ọ̀kan yóò gbé.